Owó orí àyọkúrò lórí ọjà ọ́fíìsì ní 2025: èló la máa san fún ẹni tó kó ọjà wá, èló ló ń lọ sọ́dọ̀ FIRS?

Tóún_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń tọ́jú ìwé owó. A ra tábìlì, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ́fíìsì tuntun lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì kan. Ìnfọ́ìsì wọn nìyí: ọjà 6,400,000 náírà, VAT 7.5% 480,000, àpapọ̀ 6,880,000. Ọ̀gá mi ní kí n yọ owó orí àyọkúrò, ìyẹn WHT, kí n tó sanwó. Èló ni kí n yọ, èló ni kí n san fún wọn, èló ló ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba? Nínú oṣù Kẹsàn-án 2025 yìí la fẹ́ san án, ẹni tó lọjà sì ti ń pè mí láràárọ̀.

Ọ̀gáRàsákì

Kò le rárá. 5% ni ti kọ́ńtíráàtì. 5% lórí 6,880,000 jẹ́ 344,000. San 6,536,000 fún wọn, fi 344,000 ránṣẹ́ sí FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ó parí. Bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn.

Àdùkẹ́_Ọ̀dítọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ràsákì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. 5% yẹn ti di ti àtijọ́ sà. Ìlànà tuntun lórí owó orí àyọkúrò, tí wọ́n gbé jáde ní 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025, ti sọ ọ́ di 2% fún ẹni tó bá kó ọjà wá tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ìyẹn nìkan kọ́, a kì í ka VAT mọ́ owó tí a ó yọ WHT nínú rẹ̀. Owó ìjọba ni VAT, ó kàn gba ọwọ́ ọlọ́jà kọjá ni. Kò sí lára ohun tó pa wọlé, kí la wá fẹ́ yọ nínú rẹ̀?

Tóún, owó ọjà nìkan ni kí o mú, 6,400,000. 2% rẹ̀ jẹ́ 128,000. Ìyẹn ló ń lọ sọ́dọ̀ FIRS, ní orúkọ ẹni tó kó ọjà wá. Kí o wá padà sórí àpapọ̀ ìnfọ́ìsì, 6,880,000, kí o yọ 128,000 kúrò níbẹ̀. Ó ku 6,752,000, òun ni wàá fi sínú àkáǹtì wọn. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣe é bó ṣe yẹ, ro ohun tó lọ sọ́dọ̀ wọn pọ̀ mọ́ ohun tó lọ sọ́dọ̀ FIRS. Iye tó wà lórí ìnfọ́ìsì gan-an ló gbọ́dọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.

Àmọ́ má tíì san án o. Ṣé wọ́n ní TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí? Ṣé àwọn ló ṣe ọjà náà àbí wọ́n rà á tà ni? Ṣé ilé-iṣẹ́ yín wà lára àwọn tí FIRS yàn láti máa yọ VAT mọ́ ọlọ́jà lọ́wọ́?

Ọ̀gáRàsákì

Ẹ ṣeun, Àdùkẹ́. Mo gbọ́ ti 2% yẹn, iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe ni mo rò pé ó wà fún. Ṣùgbọ́n ti VAT yẹn, ibi iṣẹ́ ìjọba tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwa là ń yọ VAT, àwa náà là ń san án. A kì í fún kọngílá ní VAT lọ́wọ́. Kí ló wá dé tí Tóún á fi kó 480,000 lé ọlọ́jà lọ́wọ́?

Àdùkẹ́_Ọ̀dítọ̀

Ibi iṣẹ́ ìjọba lẹ ti wá, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ló fà á. Òfin yan àwọn ọ́fíìsì ìjọba, àwọn báńkì, àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì àti àwọn díẹ̀ mìíràn pé kí wọ́n máa yọ VAT fúnra wọn. Ká ní irú wọn ni ilé-iṣẹ́ Tóún, 6,272,000 ni ọlọ́jà ì bá gbà, ìyẹn 6,400,000 tí a ti yọ 128,000 nínú rẹ̀. VAT 480,000 àti WHT 128,000 á wá lọ sọ́dọ̀ FIRS ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìwé tirẹ̀. Ẹ má sọ wọ́n di 608,000 kan ṣoṣo. Tí wọn kò bá sí lára àwọn tí a yàn, ẹ fún ọlọ́jà ní VAT rẹ̀, òun ló máa san án.

Tóún_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, mà. A kò sí lára wọn, mo ti bi ọ̀gá. TIN wọn wà lórí ìnfọ́ìsì. Lórí ẹni tó ṣe é: tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n rà á wá láti ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn àga, wọ́n ní àwọn ra irin, fóòmù àti aṣọ, àwọn wá tò wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n sì ní kí n má yọ kọ́bọ̀ kankan, pé 6,880,000 pé pérépéré làwọn fẹ́ rí, pé kí ilé-iṣẹ́ wa wá 128,000 yẹn níbòmíràn.

Kọngílá_Mókọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí èmi náà ń kó ọjà fún àwọn ọ́fíìsì. Ẹ má bínú sí ẹni yẹn, ó ní ohun tó ń dùn ún. Ẹni tó ra tábìlì tà, èrè rẹ̀ lè má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ká sọ pé 640,000 ni gbogbo èrè lórí ọjà Tóún. Nígbà tó jẹ́ 5%, 320,000 ni wọ́n ń yọ, ìdajì èrè nìyẹn, kó tó sanwó ọkọ̀, kó tó sanwó ọmọ iṣẹ́! Mo gbà pé 2% ti dára jùyẹn lọ fíìfíì.

Ohun tí mo fẹ́ kí Tóún mọ̀ ni èyí. Ilé-iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ wọn, yọ WHT nínú owó mi. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣe owó orí ọdún mi, mo ṣí TaxPro Max, ojú-ìwé FIRS lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ti san án. Òótọ́ ni, wọ́n san án, ṣùgbọ́n wọ́n da owó èmi àti ti àwọn mìíràn pọ̀ san lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó kọ orúkọ wa sílẹ̀ sì tẹ nọ́ńbà kan ṣì nínú TIN mi. Owó mi wà lọ́dọ̀ FIRS, ṣùgbọ́n kò sí lórúkọ mi. Títí di àsìkò yìí, a ṣì ń kọ lẹ́tà síra wa.

Ìyá_Ìbejì_Agodi

Ẹ kú àlàyé o. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kọ́ńpìnnì kan háyà lọ́wọ́ mi, 1,200,000 lọ́dún. Ọdún yìí wọ́n yọ 120,000 wọ́n ní WHT ni. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n rẹ́ mi jẹ? 2% lẹ sọ, 24,000 ló yẹ kí wọ́n yọ!

Àdùkẹ́_Ọ̀dítọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì lọ bá wọn jà mà. 2% tí à ń sọ, ti ọjà ni. Ti ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí a háyà jẹ́ 10%, kò yí padà. 120,000 yẹn tọ̀nà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni ibi tí wọ́n san án sí. Orúkọ ara yín lẹ fi ń gba owó náà, kì í ṣe orúkọ kọ́ńpìnnì, torí náà ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ni í, kì í ṣe FIRS. Ẹ gba rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá fẹ́ san owó orí tiyín, ẹ ó fi hàn pé 120,000 ti wọlé ṣáájú.

Ọ̀gá Kọngílá, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ni mo fẹ́ kí Tóún fi sọ́kàn ju gbogbo ìṣirò lọ.

Tóún, lórí ọlọ́jà tó ní kí ẹ má yọ nǹkan kan: tí ẹ bá fún un ní 6,880,000, tí ẹ tún san 128,000 láti inú àpò yín, ọjà náà ti di 7,008,000 fún yín nìyẹn. Ìlànà yẹn gan-an sọ ọ́ pé owó orí àyọkúrò kì í ṣe owó orí ọ̀tọ̀, kò sì gbọdọ̀ di àfikún lórí iye kọ́ńtíráàtì. Jẹ́ kó yé e pé owó tirẹ̀ ni ẹ ń bá a san ṣáájú. Tó bá di ìgbà tó fẹ́ san owó orí èrè kọ́ńpìnnì rẹ̀, á yọ 128,000 yẹn kúrò nínú ohun tó jẹ.

Ṣẹ́gun_Ìwó

Ṣé ẹ mọ ọ̀nà tó rọrùn jù? Ohun tí kò bá ju mílíọ̀nù méjì lọ, kò sí WHT lórí rẹ̀. Kí ọlọ́jà pín ìnfọ́ìsì náà sí mẹ́rin, 1,600,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní yọ nǹkan kan, gbogbo yín á sùn àsùnwọra.

Àdùkẹ́_Ọ̀dítọ̀

Ṣẹ́gun, apá kan lo gbọ́, apá kejì ti bọ́. Mílíọ̀nù méjì yẹn wà fún ẹni tó ń SANWÓ tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì kékeré, tí títà rẹ̀ lọ́dún kò ju 25,000,000 lọ, tàbí ẹni tí kò fi orúkọ kọ́ńpìnnì ṣòwò. Ẹni tó ń gba owó náà sì gbọ́dọ̀ ní TIN. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ ra àga, mi ò rò pé kékeré ni. Ká tiẹ̀ ní kékeré ni, àpapọ̀ ohun tó wáyé nínú oṣù kan ni wọ́n ń wò. Ìnfọ́ìsì mẹ́rin nínú oṣù kan ṣoṣo, ọ̀dítọ̀ tó bá jí ní ọjọ́ yẹn á rí i.

Ohun tí o lè ní lọ́kàn ni rírà lórí káńtà. Tí Tóún bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀, tó mú àga méjì, tó sanwó lójú ẹsẹ̀, tí kò sí àdéhùn kankan láàárín wọn tẹ́lẹ̀, kò sí WHT níbẹ̀. Ti ọ́fíìsì yìí ní ìwé àṣẹ ìrajà, ó ní ìnfọ́ìsì, ó ní àdéhùn. Kì í ṣe ti orí káńtà.

Dèjì_Pékàmù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́. Níbi tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kọngílá ni mí, 20% ni wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn kì í yọ ọ́ nínú owó sìmẹ́ńtì àti pákó. Ṣé kò yẹ kí Tóún yọ owó ohun èlò kúrò kó tó ṣírò?

Àdùkẹ́_Ọ̀dítọ̀

Bọ̀dá Dèjì, ìlànà ti ìjọba Bìrìtìkó lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ nìyẹn. Ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà gan-an ni Tóún ń san owó rẹ̀, ohun èlò yẹn ló jẹ́ ọjà náà. Ohun tó jọ ọ́ nílé níbí ni owó tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá ná látàpò ara rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà, tí a yà á sọ́tọ̀ gedegbe kúrò nínú owó iṣẹ́. Ìyẹn ni wọn kì í yọ WHT nínú rẹ̀.

Tóún_Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá tún yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní ìdajì ni ká san báyìí, ìdajì tó kù tí wọ́n bá tò wọ́n sínú ọ́fíìsì tán ní oṣù Kẹwàá. Ṣé kí n dúró di ìsanwó tó kẹ́yìn kí n tó yọ gbogbo 128,000 lẹ́ẹ̀kan?

Àdùkẹ́_Ọ̀dítọ̀

Rárá o. Bí owó bá ṣe ń jáde ni WHT ṣe ń jáde. Ìdajì ọjà jẹ́ 3,200,000, VAT rẹ̀ 240,000, WHT rẹ̀ 64,000. Nísinsìnyí, 3,376,000 lo máa san fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù Kẹwàá. Àpapọ̀ méjèèjì á padà di 6,752,000.

64,000 ti oṣù Kẹsàn-án gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ FIRS kí ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá tó kọjá. Ti oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá. Ká ní ẹni tó kó ọjà wá kì í ṣe kọ́ńpìnnì, tó jẹ́ ẹnì kan tó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò, ìpínlẹ̀ ni ẹ ó san án fún, ọjọ́ 30 oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni gbèdéke. Àṣìṣe tí mo máa ń rí nínú ìwé àwọn ènìyàn ni pé ìnfọ́ìsì kan ní "Enterprises" lẹ́yìn orúkọ, wọ́n á kó owó rẹ̀ lọ FIRS, ọlọ́jà á wá rí i pé ìpínlẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ wo orúkọ dáadáa kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Bó o bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá ọ ṣe é, fi owó ọjà sí B2, kí o wá tẹ àwọn wọ̀nyí sí B3, B4, àti B5:

```
=B2*7.5%
=B2*2%
=B2+B3-B4
```

Òkè ni VAT, àárín ni WHT, ìsàlẹ̀ ni ohun tó ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Tó bá jẹ́ pé àpapọ̀ nìkan ni wọ́n kọ sórí ìnfọ́ìsì, tí wọ́n ní VAT ti wà nínú rẹ̀, pín in sí 1.075 kó o tó bẹ̀rẹ̀. 6,880,000 tí a bá pín sí 1.075 máa fún ọ ní 6,400,000. Ẹni tó bá yọ 2% lórí àpapọ̀ máa gba 137,600, ìyẹn 9,600 tó ju ohun tó tọ́ lọ, ọlọ́jà á sì bú u.

Tó bá di ibi tó o ti máa fi orúkọ wọn sílẹ̀ lórí TaxPro Max, kọ TIN wọn láti ara ìwé tí wọ́n fún ọ, má kọ ọ́ láti orí. Kọ nọ́ńbà ìnfọ́ìsì, owó ọjà àti 2% náà sí i. Lẹ́yìn náà, fi TIN yẹn wá orúkọ wọn níbi ìwádìí TIN ti FIRS. Tí orúkọ tó jáde bá yàtọ̀ sí ti ìnfọ́ìsì, dúró. Ẹni tí kò bá ní TIN, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń yọ, tiyín ì bá di 4%, 256,000.

Kọngílá_Mókọ́lá

Ká ní ẹni tó ṣe tèmi ti ka èyí ni! Tóún, jọ̀ọ́, fún wọn ní rìsíìtì WHT kí wọ́n tó máa béèrè. Òfin sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fún wa àfi tí a bá bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àga tí wọ́n tò pọ̀ yẹn wá ńkọ́ o? Ìlànà ní ẹni tó bá ṣe ọjà fúnra rẹ̀, kò sí WHT lórí rẹ̀. Ẹni tó gé irin, tó jó o, tó fi fóòmù sí i, tó rán aṣọ bò ó, ṣé kò ṣe àga ni?

Ọ̀gáRàsákì

Ó ra irin, ó ra fóòmù, ó ra aṣọ, ó tò ó. Tó bá jẹ́ pé ìyẹn ni ṣíṣe, ẹni tó fi gáàrì sínú omi náà ti ṣe gáàrì. Yọ 2% rẹ lórí gbogbo rẹ̀, Tóún.

Kọngílá_Mókọ́lá

Bàbá, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà tó ra pákó ní Bódìjà kó tó kan tábìlì, ṣé pákó ló tà ni? Kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan tí kì í ra ohun èlò.

Àdùkẹ́_Ọ̀dítọ̀

Níbi tí ẹ ń jà sí yìí, n kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ká ní wọ́n ra àga tó wà ní páálí, tí wọ́n kàn fi nọ́ọ̀tì dè é, ó dá mi lójú pé 2% ni. Tó bá jẹ́ pé irin ló wọlé, tí àga ló jáde, ọlọ́jà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Mo ti rí àwọn ọ̀dítọ̀ tó gbà á, mo sì ti rí àwọn tó ní àfi kí ọlọ́jà fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà fúnra rẹ̀ lòun.

Tóún, sọ fún wọn kí wọ́n ya àga sọ́tọ̀ lórí ìnfọ́ìsì, kì í ṣe owó kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì fi lẹ́tà sọ ọ́ pé àwọn ló ṣe é. Àwọn tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù, 2% lórí wọn kò ní àríyànjiyàn. Lórí àga, ilé-iṣẹ́ yín ló máa pinnu. Tí ẹ bá yọ ọ́, owó ọlọ́jà ṣì wà lọ́dọ̀ FIRS lórúkọ rẹ̀. Tí ẹ kò bá yọ ọ́, tí FIRS bá wá ní ó yẹ kí ẹ ti yọ ọ́, ẹ̀yin ni ìtanràn máa bá.

Kọngílá_Mókọ́lá

"Ṣì wà lọ́dọ̀ FIRS" yẹn ni ẹ máa ń sọ. Ẹni tó fẹ́ ra irin fún iṣẹ́ mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ohun tó wà lọ́dọ̀ FIRS ló máa fi rà á?

Tóún_Bódìjà

Mo ti pè wọ́n báyìí. Wọ́n ní 2,400,000 ni ti àga nínú 6,400,000 yẹn, pé àwọn á pín ìnfọ́ìsì náà sí ìlà méjì, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà náà. 2% lórí 4,000,000 tó kù jẹ́ 80,000, ìyẹn ò ní wàhálà. 48,000 ti àga ni ọ̀gá máa pinnu tó bá ti Èkó dé. N óò sọ fún un pé Ọ̀gá Ràsákì ní ká yọ ọ́, Kọngílá ní ká má yọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Agodi

Ẹ̀yin ẹ máa jà lórí àga. Mo ti pe àwọn tó háyà ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní FIRS làwọn san 120,000 mi sí. Àdùkẹ́ ọmọ mi, kí ni kí n ṣe báyìí?